Ohun tí àwòrán fi pamọ́ ni fídíò máa ń béèrè

Ẹni tó bá ti mọ bí a ṣe ń fi módẹ́ẹ̀lì AI ya àwòrán kan ṣoṣo sábà máa ń rò pé fídíò kò ju kí a ya àwòrán náà lọ́pọ̀ ìgbà, ká sì tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bi mí léèrè nípa iṣẹ́ yìí ló ń ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ méjèèjì kò jọ ara wọn rárá. Tí mo bá ń ya àwòrán kan, ìbéèrè kan ni mò ń dáhùn: kí ló wà níbẹ̀? Tí àwòrán náà bá ti wà nílẹ̀, tí mo wá fẹ́ kó máa rìn, ìbéèrè yẹn ti parí nìyẹn. Ohun tó kù ni kí ni yóò yí padà, kí ni kò gbọdọ̀ yí padà, àti ìbéèrè kẹta tí kì í yọjú sí ènìyàn títí tí fídíò yóò fi bàjẹ́: kí ló wà lẹ́yìn ohun tí ojú rí nínú àwòrán yẹn?

Iṣẹ́ kan wà tí mo ṣe tó kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sójú kan, òun ni mo fẹ́ fi sọ ọ̀rọ̀ yìí. Àwòrán obìnrin àgbàlagbà kan ni. Ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń ka ìwé, orí rẹ̀ tẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ òsì nìkan ló hàn sí wa. Kọ́tìnì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà lẹ́yìn rẹ̀, ife kan wà lórí tábìlì níwájú. Mo fẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ kọ́tìnì náà, kí obìnrin náà gbé ojú kúrò nínú ìwé, kó sì bojú wo ọ̀dọ̀ wa. Ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún péré ni gbogbo rẹ̀. Bí àwòrán, ó dára gan-an. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ gún régé, ojú obìnrin náà ní ìrírí, mi ò ní ohun tí mo fẹ́ tún ṣe sí i.

Mo máa ń lo módẹ́ẹ̀lì tó máa ń gba àwòrán kan àti ọ̀rọ̀ ìtọ́ni pọ̀. Wọ́n ti pọ̀ báyìí. Wan 2.1 tí Alibaba gbé jáde ní ọdún 2025 jẹ́ ọ̀kan tí ènìyàn lè gbé sórí kọ̀ǹpútà ara rẹ̀, àwọn nọ́ńbà rẹ̀ sì rọrùn láti fi ṣàlàyé: férémù 81 ló ń ṣe, ìyẹn àwọn àwòrán tó ń tò tẹ̀léra di fídíò, 16 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí tó fi díẹ̀ lé ní ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún. Àwọn ìṣòro tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ti módẹ́ẹ̀lì kan pàtó. Inú iṣẹ́ náà gan-an ni wọ́n ti ń wá, bí módẹ́ẹ̀lì sì ṣe ń dára sí i, ńṣe ni wọ́n ń dín kù, wọn kò tíì tán.

Ohun àkọ́kọ́ tó yàtọ̀ ni ọ̀rọ̀ ìtọ́ni. Fún àwòrán, mo ti kọ nípa ọjọ́ orí obìnrin náà, ìborùn rẹ̀, àwọ̀ ògiri, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé. Tí mo bá tún kó gbogbo ìyẹn fún fídíò, asán ni, ó tiẹ̀ lè pa iṣẹ́ lára. Módẹ́ẹ̀lì ti rí ìborùn náà nínú àwòrán. Bí mo bá wá kọ pé ìborùn pupa, tí èyí tó wà nínú àwòrán sì fẹ́ jọ àwọ̀ ilẹ̀, ọ̀rọ̀ àti àwòrán yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́, a ó sì rí i pé aṣọ náà ń pọ́n díẹ̀díẹ̀ bí fídíò ṣe ń lọ. Nítorí náà ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìkan ni mo máa ń kọ: kọ́tìnì ń mì jẹ́jẹ́, obìnrin náà gbé orí sókè ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó yíjú sí wa, kámẹ́rà dúró sójú kan. Gbólóhùn nípa kámẹ́rà yẹn kì í ṣe àfikún lásán. Tí a kò bá sọ ohunkóhun, módẹ́ẹ̀lì fẹ́ràn láti máa sún mọ́ ojú ẹni tó wà nínú àwòrán, bóyá nítorí ìṣípòpadà tó rọrùn jù lọ láti ṣe nìyẹn.

Láti mọ̀ pé àwòrán ni ó ń sọ ohun tó wà níbẹ̀, tí kì í ṣe ọ̀rọ̀, ẹ wo Stable Video Diffusion tó jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2023. Kò tiẹ̀ ń gba ọ̀rọ̀ rárá. Àwòrán ni a ó fún un, pẹ̀lú nọ́ńbà kan tí wọ́n ń pè ní `motion_bucket_id`, tí ó ń sọ bí ìrìn inú fídíò yóò ṣe pọ̀ tó. Ènìyàn kò lè sọ pé kọ́tìnì nìkan ni kó mì. Ó kàn lè ní kí nǹkan máa rìn púpọ̀ tàbí níwọ̀nba.

Kí n padà sórí obìnrin mi. Èsì àkọ́kọ́ tó jáde dùn ún wò tí a kò bá fara balẹ̀. Kọ́tìnì ń fẹ́, orí gbéra, ojú yí. Ṣùgbọ́n obìnrin tó gbé ojú sókè kì í ṣe obìnrin tó ń ka ìwé. Ó jọ ọ́, bí àbúrò ṣe máa ń jọ ẹ̀gbọ́n. Imú rẹ̀ ti rọra gùn sí i, ìlà tó wà lẹ́nu rẹ̀ ti dán, ó ti kéré lọ́jọ́ orí. Ìdí rẹ̀ kò fara sin: ẹ̀gbẹ́ ojú kan ṣoṣo ni àwòrán mi fi hàn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ojú ọ̀tún, bí imú ṣe rí láti iwájú, kò sí ọ̀kankan nínú wọn níbẹ̀. Módẹ́ẹ̀lì ní láti dá wọn sílẹ̀ fúnra rẹ̀, láti inú ojú àìmọye ènìyàn tó ti fi kẹ́kọ̀ọ́, ojú tí àròpọ̀ wọn ń bí sì sábà máa ń jẹ́ ojú ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ dán.

Kọ́tìnì náà ní tirẹ̀. Nínú àwòrán, ìdì irun kan ní ẹ̀yìn ọrùn obìnrin náà kan etí kọ́tìnì, àwọ̀ wọn sì fẹ́ bára mu níbẹ̀. Ojú wa kò bìkítà, a mọ̀ pé irun ni irun. Nígbà tí kọ́tìnì wá fẹ́, ó fa irun dání, irun náà nà bí òwú, ó sì tún padà. Àwòrán tó dúró lè má sọ ibi tí nǹkan kan parí tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀, kí ó má sì ṣẹ́ni léṣe. Fídíò kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀kan nínú nǹkan méjì náà gbọ́dọ̀ rìn kí èkejì sì dúró.

Bí mo ṣe ń yẹ fídíò wò nìyí. Mo máa ń wò ó lẹ́ẹ̀kan bí ẹni tó fẹ́ gbádùn rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn mo máa ń wò ó láìwo ẹni inú rẹ̀ rárá. Etí nǹkan ni mò ń wò, ibi tí irun ti kan ògiri, ibi tí ìka ti kan ìwé, ẹsẹ̀ tábìlì. Ojú ènìyàn máa ń tẹ̀ lé ohun tó ń rìn, nítorí náà àṣìṣe tó wà létí máa ń kọjá lọ láìrí. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń fi irinṣẹ́ ffmpeg yọ férémù mẹ́ta sọ́tọ̀, ti ìbẹ̀rẹ̀, ti àárín àti ti ìparí, tí mo máa tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn:

```
ffmpeg -i obinrin.mp4 -vf "select='eq(n,0)+eq(n,40)+eq(n,80)'" -fps_mode passthrough f%d.png
```

Láti 0 ni `n` ti ń kà, ìdí nìyẹn tí férémù ìkẹyìn nínú 81 fi jẹ́ 80. Ìyípadà tó bá ń rọra wáyé kì í hàn nígbà tí fídíò ń lọ, nítorí férémù kọ̀ọ̀kan jọ èyí tó ṣáájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí a bá gbé 0 sí ẹ̀gbẹ́ 80, ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ yìí yóò sọ pé ènìyàn méjì nìyẹn.

Tí àwòrán kan kò bá dáa, mo máa ń yí `seed`, nọ́ńbà tí módẹ́ẹ̀lì fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, padà ni, kí n tún un ya, títí èyí tó wù mí yóò fi jáde. Pẹ̀lú fídíò, àṣà yẹn máa ń náni ní ọ̀pọ̀ àkókò, ó sì dáa kí ènìyàn mọ ìdí rẹ̀. Ká sọ pé 832 × 480 ni ìwọ̀n fídíò wa. Wan 2.1 kì í ṣiṣẹ́ lórí píksẹ́ẹ̀lì gan-an. Ó máa ń sún àwòrán kì ní ìlọ́po 8 ní ìbú àti ní òró, ó sì tún máa ń sún àkókò kì, tó fi jẹ́ pé férémù àkọ́kọ́ dá dúró, mẹ́rin mẹ́rin ni àwọn 80 tó kù sì ń wọnú ara wọn. Férémù 81 di 21 nìyẹn. Lẹ́yìn tí ó bá tún ti pín ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú 21 yìí sí ègé, ègé 1,560 ló máa ń wà nínú ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ 32,760.

Bó bá jẹ́ àwòrán kan ṣoṣo ní ìwọ̀n kan náà, 1,560 yẹn ni ìbá jẹ́. Ègé kọ̀ọ̀kan ní láti wo gbogbo ègé yòókù kí ojú inú férémù 80 lè mọ bí ojú inú férémù 0 ṣe rí. Nítorí náà apá wíwo-ara-ẹni yìí kò pọ̀ sí i ní ìlọ́po 21 nìkan. Ìlọ́po 21 lọ́nà 21 ni, èyí tó jẹ́ 441. Apá iṣẹ́ yòókù kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó láti fi hàn ìdí tí àwòrán fi máa ń jáde kí a tó ṣẹ́jú, tí fídíò sì máa ń jẹ́ kí ènìyàn dìde lọ ṣe nǹkan mìíràn.

Ọgbọ́n tó kọ́kọ́ ń wá síni lọ́kàn ni pé ká fi fídíò kúkúrú dán an wò, bóyá férémù 33, tó bá ti dáa ká wá na án sí 81 pẹ̀lú `seed` kan náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Tí iye férémù bá yí padà, gbogbo ohun tí módẹ́ẹ̀lì ń ti inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ti yí padà, nítorí gbogbo férémù náà ló ń ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kì í ṣe ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Fídíò kúkúrú náà kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀ fídíò gígùn. Fídíò mìíràn pátápátá ni.

Nítorí èyí, iṣẹ́ mi kúrò ní ìdí fídíò, ó padà sí ìdí àwòrán. Ibẹ̀ ni àtúnṣe ti rọrùn. Mo fi ìbòjú bo ibi tí irun ti kan kọ́tìnì, mo ní kí módẹ́ẹ̀lì tó ń ya àwòrán tún ibẹ̀ nìkan ya, kí ògiri díẹ̀ là wọ́n láàárín. Ojú obìnrin náà ló gba àkókò jù. Mo tún un ya kí ó lè yí sí wa díẹ̀, kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún àti ojú ọ̀tún hàn, bí orí rẹ̀ tilẹ̀ ṣì tẹ̀ sínú ìwé. Bí àwòrán, èyí kò wù mí tó ti àkọ́kọ́. Ẹ̀gbẹ́ ojú nìkan lẹ́wà jù. Ṣùgbọ́n àwòrán tí a fẹ́ mú rìn kì í ṣe èyí tó lẹ́wà jù, èyí tó fi ohun tó kéré jù pamọ́ ni. Mo sì dín ohun tí mo béèrè kù. Dípò kí ó gbé orí kó tún yíjú, mo ní kó gbé ojú sókè kúrò nínú ìwé, kí orí tẹ̀ lé e díẹ̀. Nǹkan kan ṣoṣo láàárín ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún ti tó. Tí a bá to nǹkan mẹ́ta jọ, módẹ́ẹ̀lì á sáré ṣe wọ́n, tàbí kó fo ọ̀kan.

Mo tún gé àwòrán náà sí ìwọ̀n fídíò fúnra mi kí n tó fi sílẹ̀. Àwòrán mi ní igun mẹ́rin tó dọ́gba, fídíò sì gbòòrò ju bó ṣe ga lọ. Tí a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, irinṣẹ́ mìíràn á gé e láàárín láìbéèrè, ó lè gé orí, òmíràn á fà á gbòòrò.

Èsì tó tẹ̀ lé e yàtọ̀. Férémù 0 àti 40, obìnrin kan náà ni. Ohun tó kù bàjẹ́ ni ọwọ́. Ọwọ́ òsì rẹ̀ wà lábẹ́ ìwé, ìka rẹ̀ kò hàn, nígbà tí ó sì sọ ìwé náà kalẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn férémù 60, ìka tó yọ jáde ju márùn-ún lọ. Nínú àwòrán kan, mo lè bo ìka kan kí n tún un ya. Nínú fídíò, férémù ogún ni mo ní láti tún ya, bí mo bá sì tún wọn ya lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tí yóò bá ìkejì rẹ̀ mu délẹ̀. Tí wọ́n bá wá ń lọ tẹ̀léra, ọwọ́ náà yóò máa gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú. Ohun tó rọrùn jù ni kí n gé e. Férémù 56 àkọ́kọ́ jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta àti ààbọ̀ gẹ́lẹ́, ojú rẹ̀ sì ti dé ọ̀dọ̀ wa kó tó pé ibẹ̀:

```
ffmpeg -i obinrin.mp4 -frames:v 56 -c:v libx264 -crf 16 gige.mp4
```

Ẹnì kan tó rí i bi mí pé kí ló dé tí mi ò mú férémù ìkẹyìn níbẹ̀, kí n fi bẹ̀rẹ̀ fídíò tuntun, kí n máa so wọ́n pọ̀ títí yóò fi gùn. Ó ṣeé ṣe, àwọn ènìyàn ń ṣe é, ṣùgbọ́n ohun méjì máa ń bà á jẹ́. Férémù kan kò sọ eré tí nǹkan ń sá. Kọ́tìnì tó ń lọ sápá ọ̀tún ní férémù ìkẹyìn lè wá máa lọ sápá òsì nínú fídíò tuntun, tàbí kó dúró fún ìgbà díẹ̀ kó tó tún gbéra; ẹni tó ń wò ó yóò rí ìkọsẹ̀ náà kódà bí kò bá mọ orúkọ rẹ̀. Èkejì ni pé àwòrán tó bá jáde láti inú módẹ́ẹ̀lì ti sọ díẹ̀ nù nínú ara rẹ̀, nígbà tí a bá sì dá a padà sínú, ó tún sọ díẹ̀ nù. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, àwọ̀ á ti le jù, awọ ara á ti dà bí ike. Ó sàn kí a gé lọ sí ìwò mìíràn. Mo ya àwòrán tuntun kan, ìwé náà àti ọwọ́ ọ̀tún nìkan láti òkè, tí gbogbo ìka hàn kedere, mo sì mú un rìn ní tirẹ̀. Ojú ènìyàn kì í béèrè pé kí ìwò méjì bára mu bí férémù méjì tó tẹ̀léra ṣe gbọ́dọ̀ bára mu.

Férémù 16 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan máa ń ta kìtì díẹ̀. Mo máa ń fi irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ RIFE sọ ọ́ di 32. Ó máa ń wo férémù méjì, kí ó sì dá ọ̀kan sáàárín wọn. Ṣùgbọ́n kò mọ ohun tó tọ́. Tí férémù kan bá ní ìka márùn-ún tí èyí tó tẹ̀ lé e ní mẹ́fà, yóò fi ìka kan tó ń yọ́ sáàárín wọn. Lẹ́yìn tí a bá ti gé ohun tí kò dáa dànù ni kí a tó lò ó.

Ohun tó kù tí kò jẹ́ kí n sinmi ni lẹ́tà tó wà lára ife, orúkọ kúkúrú kan. Ó ń mì bí eèrà nígbà tí kò sí ohun tó fọwọ́ kàn án. Nítorí pé kámẹ́rà dúró sójú kan, ọ̀nà kan wà tí kò nílò módẹ́ẹ̀lì mọ́. Mo gbé àwòrán tí mo fi bẹ̀rẹ̀ lé orí fídíò náà nínú irinṣẹ́ tí mo fi ń tò ó, mo wá ṣí ihò sí i níbi obìnrin náà àti kọ́tìnì nìkan. Tábìlì, ife, ògiri, gbogbo rẹ̀ di àwòrán tó dúró lóòótọ́, lẹ́tà náà kò sì lè mì mọ́. Tí kámẹ́rà bá sún ní ìwọ̀n irun kan péré, ọgbọ́n yìí ti bàjẹ́, nítorí etí ihò náà yóò hàn. Àwọ̀ fídíò lè ṣókùnkùn díẹ̀ ju ti àwòrán lọ. Férémù 0 ni mo fi ń wọ̀n ọ́n kí n tó tò wọ́n pọ̀. Òjìji kọ́tìnì tó ń mì lórí tábìlì ló wá yọ mí lẹ́nu jù: ìdajì rẹ̀ ń rìn, ìdajì dúró, ìlà kan sì wà láàárín wọn. Mo sún etí ihò náà sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì níbi tí igi rẹ̀ ti parí, kí òjìji tó wà lórí rẹ̀ lè wà nínú ìrìn pátápátá, mo sì dá ife nìkan sílẹ̀ láàárín rẹ̀, pẹ̀lú etí tó rọ̀ yí i ká.